Lẹ́tà sí onígbọ̀wọ́: bí akọ̀wé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ọmọdé ṣe lè béèrè owó sáà

Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà tí wọ́n bá gbé lẹ́tà ìbéèrè owó lé lọ́wọ́ kì í bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Wọ́n á ṣí i sẹ́yìn, wọ́n á wá ibi tí iye owó wà, lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á padà wá wo ẹni tó kọ ọ́. Bí wọn ò bá rí iye kankan, tàbí tí wọ́n rí iye kan ṣoṣo tó wúwo láìsí àlàyé, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Nítorí náà, bí mo bá ń kọ́ akọ̀wé tuntun níṣẹ́, ètò ìṣúná ni mo máa ń fi ṣáájú. Inú rẹ̀ ni lẹ́tà ti ń jáde.

Ẹgbẹ́ ọmọ abẹ́ ọdún 15 kan ní Ìbàdàn ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ méjìlélógún ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú kóòṣì méjì. Wọ́n ń gbá líìgì ẹgbẹ́ mẹ́jọ fún oṣù mẹ́fà, nílé àti níta. Àwọn iye owó tí mo lò wà fún ìṣirò nìkan. Ẹ lọ béèrè tiyín lọ́jà kí ẹ tó kọ ohunkóhun.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí iye ìdíje

Ẹgbẹ́ mẹ́jọ túmọ̀ sí pé ẹ máa pàdé ẹgbẹ́ méje, ẹ̀ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mejì. Ìdíje 14 nìyẹn: méje nílé, méje níta. Ohun tó pọ̀ jù nínú ìnáwó ẹgbẹ́ ọmọdé ló so mọ́ nọ́ńbà yìí. Ẹ̀ẹ̀meje lẹ máa gba ọkọ̀, ẹ̀ẹ̀meje lẹ máa san owó pápá àti owó rẹfirí, ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá làwọn ọmọ máa mu omi tí wọ́n á sì jẹun lẹ́yìn eré. Bí ẹ bá kọ ọ́ báyìí, ẹni tó ń kà á lè fi ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, á sì bá a bẹ́ẹ̀.

Owó ọkọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ da ètò rú, torí náà ẹ má ṣe kọ ọ́ ní odidi kan. Nínú ìrìn-àjò méje tí ẹgbẹ́ yìí ní, mẹ́rin wà nínú Ìbàdàn. Mẹ́ta yòókù jẹ́ Ọ̀yọ́, Ìṣẹ́yìn àti Ògbómọ̀ṣọ́. Akọ̀wé lọ sí gáréèjì, ó bá awakọ̀ méjì sọ̀rọ̀ lórí bọ́ọ̀sì oníjókòó ọgbọ̀n ní àlọ àti àbọ̀, ó sì kọ ọjọ́ tí wọ́n dá a lóhùn sí ẹ̀gbẹ́ iye náà. Ọjọ́ yẹn ṣe pàtàkì. Lẹ́yìn 29 oṣù Karùn-ún 2023, nígbà tí ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, iye tí gbogbo awakọ̀ ń gbà yí padà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹgbẹ́ tí kò kọ ọjọ́ sí ìwé rẹ̀ kò ní ohun tó lè fi ṣàlàyé fún onígbọ̀wọ́ pé òun ò purọ́ nígbà tó kọ iye àkọ́kọ́.

Ìṣúná ẹgbẹ́ náà rèé:

Ọkọ̀ nínú Ìbàdàn, ẹ̀ẹ̀mẹrin × ₦50,000: ₦200,000
Ọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́, Ìṣẹ́yìn, Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta × ₦120,000: ₦360,000
Oúnjẹ àti omi ọjọ́ eré, 14 × ₦30,000: ₦420,000
Jẹ́sì àti ṣòkòtò, 24 × ₦9,000: ₦216,000
Bọ́ọ̀lù, 8 × ₦18,000: ₦144,000
Àpótí ìtọ́jú ojú ẹsẹ̀ àti àfikún oògùn: ₦85,000
Owó pápá, 7 × ₦25,000: ₦175,000
Owó rẹfirí, 7 × ₦20,000: ₦140,000
Ìforúkọsílẹ̀ líìgì: ₦100,000
Owó ọkọ̀ kóòṣì, kóòṣì 2 × oṣù 6 × ₦30,000: ₦360,000
Owó àìròtẹ́lẹ̀, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún: ₦220,000
Àpapọ̀: ₦2,420,000

Ẹ ó rí i pé jẹ́sì 24 ni wọ́n kọ fún ọmọ 22. Méjì yẹn wà fún gólì tí àwọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ yàtọ̀ àti fún èyí tó bá ya. Bọ́ọ̀lù oníwọ̀n 5 ni wọ́n fẹ́ rà, èyí tí ọmọ ọdún 13 sókè ń gbá. Ẹ kọ ìwọ̀n náà síbẹ̀, nítorí onínúure kan lè lọ ra oníwọ̀n 4 ti àwọn ọmọ kékeré wá, kò sì sí ẹni tó máa lè dá a padà fún un.

Owó àìròtẹ́lẹ̀ máa ń bí àwọn kan nínú. Wọ́n rò pé ibẹ̀ ni akọ̀wé fi owó tirẹ̀ pamọ́ sí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ méjì ṣàlàyé rẹ̀ lábẹ́ ìwé: ìdíje tí òjò bá dá dúró tí a ní láti padà lọ gbá, àti ọmọ tó bá ṣèṣe tó nílò àwòrán egungun. Bí ẹ kò bá ná an, ẹ kọ ọ́ pé ó máa wọ sáà tó ń bọ̀.

Ẹ fi ohun tí ẹ̀yin fúnra yín mú wá hàn

Onígbọ̀wọ́ kò fẹ́ kí òun nìkan gbé ẹgbẹ́ sórí. Ẹgbẹ́ tí a fi ṣe àpẹẹrẹ yìí ń gba ₦20,000 lọ́wọ́ òbí kọ̀ọ̀kan fún sáà kan. Bí gbogbo òbí 22 bá san, ₦440,000 ni, àmọ́ akápò tó mọ àdúgbò rẹ̀ kò ní kọ iye yẹn. Òbí mẹ́rìndínlógún ló san lọ́dún tó kọjá, nítorí náà ₦320,000 ló kọ. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ti dá ₦250,000, ₦70,000 sì ṣẹ́kù ní báńkì. Àpapọ̀ ohun tó wà nílẹ̀ jẹ́ ₦640,000. Bí a bá yọ ọ́ kúrò nínú ₦2,420,000, àlàfo tó kù jẹ́ ₦1,780,000.

Níbí ni ọ̀pọ̀ akọ̀wé ti ń ṣe ohun tó ń lé onígbọ̀wọ́ sá: wọ́n á kọ odidi àlàfo náà sínú lẹ́tà kan, wọ́n á ṣe ẹ̀dà ogún, wọ́n á sì pín in kiri láti Mọ́kọ́lá dé Challenge. Ẹni tó lè fúnni ní ₦200,000 á rí ₦1,780,000, ojú á sì tì í láti mú kékeré wá.

Ọ̀nà tó sàn jù ni pé kí ẹ fi owó tiyín san ohun tí ará ìta kì í fẹ́ san. Kò sí oníṣòwò tí inú rẹ̀ ń dùn láti san owó ọkọ̀ kóòṣì tàbí owó ìforúkọsílẹ̀, torí kò sí ibi tí orúkọ rẹ̀ máa hàn. Kóòṣì, ìforúkọsílẹ̀ àti owó àìròtẹ́lẹ̀ pa pọ̀ jẹ́ ₦680,000. Owó tí ẹgbẹ́ ní fẹ́rẹ̀ẹ́ kájú rẹ̀. ₦40,000 ló kù, ìgbìmọ̀ á sì wá ìyẹn láàárín ara wọn. Ohun tó wá kù fún onígbọ̀wọ́ jẹ́ ₦1,740,000, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ ohun tí ojú lè rí.

Ẹ pín àlàfo náà sí ìpín tí èèyàn kan lè gbé

Gbogbo onígbọ̀wọ́ ló ń fẹ́ jẹ́sì, torí orúkọ wọn á wà láyà. Kò sí ẹni tó ń fẹ́ bọ́ọ̀sì. Bí ẹ bá jẹ́ kí ẹnì kan fi ₦216,000 gba àyà jẹ́sì, ẹ ti ta ohun tó níye lórí jù lọ tí ẹ ní ní owó pọ́ọ́kú, ₦560,000 owó ọkọ̀ á sì dúró sí yín lọ́rùn. Ẹ so méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá gbé jẹ́sì àti ọkọ̀, ₦776,000, òun ló ni àyà. Ìpín kejì jẹ́ oúnjẹ àti omi, ₦420,000, tí orúkọ ẹni tó gbé e á wà lẹ́yìn jẹ́sì. Ìkẹta jẹ́ pápá àti rẹfirí, ₦315,000, ẹni náà á sì ní bánà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ní gbogbo ọjọ́ tí ẹ bá gbàlejò. Ìkẹrin, bọ́ọ̀lù àti àpótí ìtọ́jú, ₦229,000, bá ilé oògùn àdúgbò mu gan-an, wọ́n sì lè fi ọjà san apá kan rẹ̀.

Ẹ bi ìgbìmọ̀ líìgì bóyá òfin wọn gba orúkọ lẹ́yìn jẹ́sì kí ẹ tó ṣèlérí rẹ̀. Ẹ má sì ṣèlérí tẹlifíṣọ̀n tàbí rédíò àyàfi tí ẹ bá ní i lọ́wọ́.

Ní ti ọjà, iye tí wọ́n ń ta á lọ́jà ni kí ẹ kọ sínú ìwé. Bí oníléeṣẹ́ píọ̀ wọ́tà bá ní òun á fún yín ní báàgì mẹ́rin fún ìdíje kọ̀ọ̀kan, ìyẹn jẹ́ báàgì 56 fún ìdíje 14. Ọ̀rá ogún ló wà nínú báàgì kan, nítorí náà ọ̀rá 80 lẹ ní lọ́jọ́ eré kan, ó sì tó fún ọmọ, kóòṣì àti àlejò. Ẹ ka báàgì, ẹ kọ iye owó rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ₦420,000 náà.

Ẹni tí ẹ máa kọ̀wé sí náà gba ìrònú. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kò gbọ́dọ̀ gbé orúkọ ilé ọtí tàbí ilé tẹ́tẹ́ sáyà, bó ti wù kí owó wọn pọ̀ tó. Òbí kan tó bá bínú lè fa ọmọ tirẹ̀ yọ, kí mẹ́ta míì sì tẹ̀ lé e.

Kíkọ lẹ́tà náà

Lẹ́tà àìgbagbẹ̀fẹ́ ni, kò sì gbọ́dọ̀ ju ojú ewé kan lọ. Ilé iṣẹ́ ńlá tó ní ọ́fíìsì ní Èkó ń fẹ́ ẹ ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Fún oníléepo, oníbúrẹ́dì tàbí ìyálọ́jà àdúgbò, Yorùbá gidi á wọ̀ wọ́n lára ju Gẹ̀ẹ́sì tí a ṣẹ́ mọ́ eyín lọ. Èyí tí akọ̀wé wa kọ sí oníléepo kan fún ìpín àkọ́kọ́ nìyí:

> (Orúkọ àti àdírẹ́sì ẹgbẹ́)
> (Ọjọ́)
>
> Alhaji (orúkọ),
> Ilé Epo (orúkọ),
> Ìbàdàn.
>
> Alàgbà wa ọ̀wọ́n,
>
> ÌBÉÈRÈ FÚN ÌGBỌ̀WỌ́ JẸ́SÌ ÀTI ỌKỌ̀ FÚN SÁÀ YÌÍ: ₦776,000
>
> A kí yín, a sì kí gbogbo òṣìṣẹ́ yín. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó ń ṣe ìgbaradì ní pápá ilé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́yìn ilé epo yín. Ọmọ méjìlélógún tí wọn kò tíì pé ọdún 15 ló wà nínú ẹgbẹ́ wa. Mọ́kànlá nínú wọn ń gbé ní àdúgbò yìí.
>
> Ìdíje 14 ni a máa gbá ní sáà yìí, ìnáwó rẹ̀ sì jẹ́ ₦2,420,000. Àwọn òbí, àwọn àgbà ẹgbẹ́ àti ìgbìmọ̀ wa ń gbé ₦680,000 nínú rẹ̀. A ti pín ìyókù sí mẹ́rin, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe máa rí i nínú ìṣúná tó wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ìpín àkọ́kọ́, jẹ́sì àti ọkọ̀ ìrìn-àjò méje, ni a gbé wá síwájú yín. A kò tíì gbé e fún ẹlòmíràn.
>
> Bí ẹ bá gbà á, orúkọ ilé epo yín nìkan ló máa wà láyà jẹ́sì wa ní gbogbo ìdíje 14. A lè gba owó náà ní ẹ̀ẹ̀mejì: ₦416,000 kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, fún jẹ́sì àti ọkọ̀ inú Ìbàdàn, ₦360,000 kí ìrìn-àjò ẹ̀yìn Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀. Inú àkáǹtì ẹgbẹ́ ni kí ẹ san án sí. A ó mú rìsíìtì wá láàárín ọjọ́ méje, a ó sì mú ìṣirò bí a ṣe ná an wá ní àárín sáà àti ní ìparí rẹ̀.
>
> Jẹ́sì gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tó ń rán an, nítorí náà a máa dúpẹ́ bí a bá gbọ́ èsì yín kó tó di (ọjọ́). Èmi àti alága wa á wá kí yín ní ọjọ́ tó bá rọ̀ yín lọ́rùn.
>
> Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
> (Ìbuwọ́lù, orúkọ, nọ́ńbà fóònù)
> Akọ̀wé
>
> (Ìbuwọ́lù alága)
>
> Ohun tó wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí: ìṣúná sáà, àtòjọ ìdíje, ẹ̀dà ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́.

Iye owó wà nínú àkọlé kí ó má baà di pé ẹni tó ń ka lẹ́tà ń wá a kiri. “A kò tíì gbé e fún ẹlòmíràn” gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Ìpín kan, ẹnì kan, títí ó fi dáhùn tàbí tí ọjọ́ tí ẹ dá fi kọjá. Bí ẹ bá gbé àyà jẹ́sì kan náà fún oníléepo méjì tí àwọn méjèèjì sì gbà, ẹ ti sọ méjèèjì nù, nítorí wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Gbólóhùn tí mo máa ń yọ kúrò nínú lẹ́tà àwọn akọ̀wé tuntun ni “ká lè gba àwọn ọ̀dọ́ kúrò ní ìgboro”. Ó wà nínú gbogbo lẹ́tà ìbéèrè owó, olówó ti kà á sú, àwọn òbí ọmọ pàápàá kì í fẹ́ kí wọ́n pe ọmọ wọn ní ọmọ ìgboro.

Ohun tó ń tẹ̀ lé lẹ́tà

Ìwé ìṣúná gbọ́dọ̀ ní ìbuwọ́lù akápò àti alága, pẹ̀lú ọjọ́. Àkáǹtì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹgbẹ́, kí ìbuwọ́lù méjì ó kéré tán máa yọ owó nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ orúkọ akọ̀wé ló hàn lórí fóònù onígbọ̀wọ́ nígbà tó fẹ́ ṣe tiransífà, ọ̀pọ̀ wọn kò ní parí rẹ̀. Báńkì á béèrè ìwé ẹ̀rí CAC. Bí ẹgbẹ́ bá forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ alágbàtọ́ tí kì í pín èrè, wọ́n á tún béèrè ìwé ẹ̀rí SCUML, ẹ̀ka ìjọba tó ń gbógun ti fífọ owó àìmọ́. Kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí sáà tó sún mọ́lé.

Ẹ má fi ìwé ìbí àwọn ọmọ, àdírẹ́sì wọn tàbí nọ́ńbà òbí wọn mọ́ ọn, bí onígbọ̀wọ́ tilẹ̀ béèrè. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, kan ẹgbẹ́ kékeré náà. Àwòrán ẹgbẹ́ lè wọ inú àpòòwé bí òbí kọ̀ọ̀kan bá ti fọwọ́ sí i lórí ìwé.

Ìbéèrè kan tó máa jẹ yọ

Ẹ gbé lẹ́tà náà lọ fúnra yín, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá kí líìgì tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì gba ìbuwọ́lù ẹni tó gbà á sórí ẹ̀dà tiyín. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ pè lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá ké sí yín, ẹ múra sílẹ̀ fún ìbéèrè yìí: “Bí ọmọ kan bá bọ́ sí Yúróòpù, èló ló kàn mí?”

Ẹ má bẹ̀rù láti sọ pé kò sí. Láti ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún 2015 ni FIFA ti fòfin de kí ẹgbẹ́ tàbí agbábọ́ọ̀lù kọ ìpín kan nínú owó tí wọ́n bá fi ta agbábọ́ọ̀lù fún ẹni tí kì í ṣe ẹgbẹ́. Bí ẹ bá fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ ni ìyà máa jẹ. Ohun tó wà ni pé òfin FIFA fàyè gba ẹgbẹ́ tó tọ́ ọmọ láàárín ọdún 12 sí 23 láti gba nínú ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń yọ nínú owó ìṣípòpadà láàárín orílẹ̀-èdè méjì. Ẹgbẹ́ ló ń gba ìyẹn, bí ó bá ti forúkọ ọmọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù bó ṣe yẹ. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún onígbọ̀wọ́. Ẹni tó bá tìtorí èyí bínú lọ, ọmọ ló fẹ́ rà, kì í ṣe jẹ́sì.

Lẹ́yìn tí owó bá wọlé

Rìsíìtì àti lẹ́tà ìdúpẹ́ gbọ́dọ̀ dé láàárín ọjọ́ méje tí ẹ kọ. Ní àárín sáà, ẹ gbé ìwé kan lọ tó ní òpó mẹ́ta: ohun tí a ní a máa ná, ohun tí a ná, àti ìdí tí wọ́n fi yàtọ̀. Bí ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ bá di ₦140,000 dípò ₦120,000, ẹ kọ ọ́, kí ẹ so ìwé awakọ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sì fi hàn pé inú owó àìròtẹ́lẹ̀ ni ₦20,000 náà ti wá. Ẹ má yọ ọ́ nínú owó oúnjẹ tí ẹlòmíràn san, kódà fún ọjọ́ méjì.

Bí ìpín kan kò bá rí ẹni gbé e títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ pín in sí wẹ́wẹ́: ìrìn-àjò Ìṣẹ́yìn nìkan, ₦120,000, fún ọmọ Ìṣẹ́yìn kan tó ń ṣòwò ní Ìbàdàn. Ẹ tún lẹ́tà náà kọ ní orúkọ rẹ̀, pẹ̀lú iye tuntun nínú àkọlé, kí ẹ sì so ìṣúná tí ẹ ti tún ṣe mọ́ ọn. Fún ẹni tó kọ̀, ẹ fi lẹ́tà kúkúrú dúpẹ́ pé ó dáhùn, kí ẹ kọ ìdí tó sọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́. Bó bá ní ìṣúná ọdún ilé iṣẹ́ òun ti parí ni, ẹ bi í ní oṣù tí wọ́n ń ṣe tuntun, kí lẹ́tà tó ń bọ̀ sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣáájú oṣù yẹn.